Bàbá Òdo

Bí ẹ bá gba ọ̀nà ọjà Wàndó wọ àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé, ẹ óò rí ọkùnrin kan lórí àga onípákó níwájú ilé, káyé lórí itan, bíìkì lẹ́yìn etí. Ẹ má tíì kí i. Ẹ jẹ́ kó dé òdo ná.

Òdo ni ibi tó ń lọ. Gbogbo wa ń gbàdúrà pé kí owó ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́; àdúrà tirẹ̀ ni pé kó má ku ẹyọ kan. Ó ní owó tí kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni, ìsáǹsá ni, ẹni tí yóò bá lọ ló ń wá kiri. Nítorí náà, kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo sẹ́fà tó gbà ni yóò ti rán níṣẹ́: ìwọ, ilé, ìwọ, epo ọ̀kadà, ìwọ, ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Sàkẹ́tẹ́. Tó bá yọ èyí tó kẹ́yìn kúrò, yóò fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, yóò kọ 0 gbàǹgbà, yóò wá gbójú sókè bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì. Bó ṣe di Bàbá Òdo nìyẹn. Ó fẹ́ràn orúkọ náà gan-an. A ò tíì sọ fún un pé a kì í fi kí i.

Orí fóònù ló ti kọ́ ọ, lọ́wọ́ àwọn Amẹ́ríkà kan tí eyín wọn funfun jù. Àmọ́ ó ti wá ìdí ọ̀rọ̀ náà débi pé Jimmy Carter ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹbí rẹ̀. Yóò sọ fún yín pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Peter Pyhrr, ní ilé-iṣẹ́ Texas Instruments, ló kọ̀wé nípa ètò yìí ní 1970, pé Carter kà á, ó sì pè é wá ṣe é fún ìpínlẹ̀ Jọ́jíà nígbà tó jẹ́ gómìnà ibẹ̀, pé nígbà tí Carter di ààrẹ, ó gbé e wọ ìjọba Amẹ́ríkà lápapọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í kọjá ibẹ̀. Kì í sọ pé bí Reagan ṣe gorí àga ní 1981 ló da ètò náà nù, nítorí ìwé rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ká má purọ́, ètò náà mọ́gbọ́n dání. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń náwó ni pé ohun tí a ná lóṣù tó kọjá la ó tún ná lóṣù yìí, ká wá fi díẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń ti òdo bẹ̀rẹ̀ kò gba ìyẹn. Lóṣooṣù ni ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wá sọ ìdí tó fi yẹ kó gba kọ́bọ̀. Tí o bá kó iye tó wọlé, tí o yọ gbogbo ohun tí o ti yàn án fún, kó ku òdo. Òdo yẹn kò sọ pé o ti ná gbogbo rẹ̀ tán; owó tí o fi pamọ́ náà níṣẹ́, ìpamọ́ niṣẹ́ rẹ̀.

Mo ti rí káyé náà lójú mi, nítorí ó fẹ́ràn kó máa fi han èèyàn. Oṣù tí mo ń sọ yìí, 160,000 sẹ́fà ló wọlé. Ilé gba 30,000, oúnjẹ 50,000. Epo tó ń gbé e lọ sí Kútọnú lójoojúmọ́ gba 18,000, iná àti omi 12,000. Ó kó 15,000 fún alájọ, 500 lójúmọ́. Ìyá rẹ̀ gba 10,000, owó ilé-ìwé ọmọ 10,000, aṣọ àti oògùn 5,000, fóònù 5,000. Ohun tó pè ní “orísirísi” gba 3,000. Ìlà tó kẹ́yìn wá ni “òkú àti ìkómọjáde”. 2,000.

Ẹ jọ̀wọ́, Àjàṣẹ́ la wà o. Ìlú tí èèyàn lè lọ síbi òkú mẹ́ta láàárín ọjọ́ Jímọ́ sí ọjọ́ Àìkú, tí kò ní kúrò ní àdúgbò rẹ̀. 2,000!

Kí n tó dé ibi tó ti fọ́, ẹ jẹ́ kí n fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Owó ilé-ìwé kì í bá Bàbá Òdo lójijì. Àwa yòókù, bí oṣù kẹsàn-án bá dé, a máa ń ya ẹnu bí ẹni pé ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé-ìwé sílẹ̀ lánàá. Òun ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní, 10,000, 10,000. Lọ́dún tó kọjá, ó ka 90,000 lé olórí ilé-ìwé lọ́wọ́, ó sì fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ jókòó. Èmi lọ yáwó. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó ṣí káyé, ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sí níbí.”

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Sikirù, ń ta epo pupa ní Wàndó. Kò ní káyé. Agolo mílíìkì mẹ́ta ló ní lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ọ̀kan fún owó ọjà tí a kì í fọwọ́ kàn, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè. Owó tirẹ̀ kì í wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo bíi ti ọkọ rẹ̀, òní lè pọ̀, ọ̀la lè gbẹ. Mo bi í lọ́jọ́ kan bó ṣe ń mọ iye tó lè ná. Ó ní, “Ọjọ́ tí ọjà kú jù lọ ni mo fi ń ṣírò. Tó bá ta ju bẹ́ẹ̀ lọ, agolo kẹta ló ni ín.” Àwọn eléyín funfun yẹn ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí owó rẹ̀ kì í dúró sójú kan kí wọ́n tó sọ gbólóhùn yìí fún un.

Ìjà àkọ́kọ́ lóṣù náà, Bàbá Òdo àti alájọ ni. Nígbà tí alájọ kó owó oṣù tó kọjá fún un, 14,500 ló bá níbẹ̀. Gbogbo ọmọ tí wọ́n ti ń rán níṣẹ́ ní ìlú wa ló mọ̀ pé owó ọjọ́ kan, ti alájọ ni. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Bàbá Òdo kò mọ̀, tàbí ká sọ pé káyé kò mọ̀. Ó dúró sójú títì, ó ń pariwo pé 500 yẹn kò ní ìlà, pé iṣẹ́ wo ló lọ ṣe? Alájọ wò ó, ó ní, “Èmi ló lọ bá ṣe é.” Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ.

Èyí tó dùn jù wá dé ní ọjọ́ kẹsàn-án. Àbúrò bàbá Ìyá Sikirù ló kú. Àwọn àna wá, àgbà mẹ́ta, wọ́n mú àpẹẹrẹ aṣọ ẹbí dání, wọ́n ní 7,500 ni. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n fi sùúrù ṣàlàyé bí bàbá náà ṣe lọ. Bàbá Òdo wọlé, ó mú káyé jáde. Ó ti ná 1,000 níbi ìkómọjáde kan ní ọjọ́ kẹrin.

“Ẹ kú ìrọ́jú o, bàbá mi,” ó wí, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kò sẹ́ni tó lè ní kò mọ ọmọlúàbí. “1,000 ló kù nínú ìlà òkú.”

Ilé dákẹ́. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ó yẹ kí òkú wa ti wá sọ fún ọ kí oṣù tó wọlé ni?”

Ibi tí Bàbá Òdo kò ti gbọ́ ètò rẹ̀ yé nìyí, òun tó ń kọ́ wa ní Jimmy Carter. Wọn kò ní kí èèyàn má kúrò lórí ohun tó kọ. Bí ìlà kan bá ya, o lọ gé lára òmíràn: 2,500 lára aṣọ, 2,000 lára orísirísi, 2,000 lára fóònù, ó di 6,500, o kó o wá síbi òkú, o sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé o kó o. Ìsàlẹ̀ ìwé ṣì ń jẹ́ òdo. Ohun tí ìwé náà wà fún gan-an ni pé kí o rí ohun tí aṣọ àna ń gbà lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ẹni tó bá fọwọ́ kan ìlà tó ti kọ tán, olè ni. Ó sì tún wà níbẹ̀ pé oṣù mẹ́ta léraléra ni ìlà òkú ti ń ya. Nígbà tí ìlà kan bá ń ya lóṣooṣù, kì í ṣe àwọn òkú ló ń ṣàṣejù, ẹni tó kọ 2,000 ló parọ́.

Ìyá Sikirù ló gbà wọ́n sílẹ̀. Ó wọ yàrá, a gbọ́ ìró agolo, ó jáde pẹ̀lú 6,500 tó ká mọ́ra, ó sì fi fún àwọn bàbá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ ló rán an. Ọkọ náà fi 1,000 rẹ̀ lé e. Àwọn àna súre, wọ́n lọ. Obìnrin náà kò sọ nǹkan kan títí wọ́n fi kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó wá ní, “Bàbá Sikirù, ṣé káyé lẹ fẹ́ ni àbí èmi?”

Ìyókù oṣù lọ bí oṣù ṣe ń lọ. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń tajà kò ní owó wẹ́wẹ́, ó fi súìtì kan dípò ṣẹ́ńjì 25 sẹ́fà fún Bàbá Òdo. Mo rí i tó ń yí súìtì náà lọ́wọ́ lábẹ́ iná, ó ń ro ibi tí yóò kọ ọ́ sí. Ọmọ ló gbà á jẹ.

Nígbà tí owó oṣù tún wọlé, mo wà lórí pèpéle tiwa tí mò ń wò ó. Káyé, bíìkì, àga onípákó. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá Sikirù dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Kì í ṣe ilé ni ìlà àkọ́kọ́. “Ìyá Sikirù, 6,500” ló kọ. Ó sọ òkú di 6,000. Ó gé orísirísi, ó gé fóònù, ó gé aṣọ, ó ń làágùn díẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó fa ìlà méjì, ó kọ 0, ó sì gbójú sókè.

“Oúnjẹ ńkọ́?” ìyàwó rẹ̀ bi í.

“50,000. Mi ò gé e.”

“Eélòó lẹ máa ń fún mi lójúmọ́?”

“1,650.”

“Lọ́nà ọgbọ̀n?”

Ó yọ bíìkì lẹ́yìn etí. Ó ṣírò rẹ̀ létí ìwé. 49,500 ló jáde. Ó tún un ṣe.

“500 tẹ́ ẹ torí ẹ̀ bá alájọ jà lójú títì,” Ìyá Sikirù wí, ó sì na ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́ sókè, “tèmi náà dà?”