Ó Ti Jí Fóònù

Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá kú kò lè fi fóònù wá ṣọ́ọ̀bù alátùn-únṣe. Kò lè pe ọ̀rẹ́ tó júwe ibẹ̀ fún un, kò sì ní máàpù tó máa wò. Ẹnu ló máa fi bèèrè. Èmi tí iṣẹ́ fóònù títún ṣe ni mo kọ́, n kò rántí ìyẹn rárá nígbà tí mo fẹ́ sọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Kúìnì Sínímà, n'Ìbàdàn, lórúkọ. Orúkọ tó dà bíi pé ó ti òkè òkun dé ni mò ń wá. Mo tẹ Vexthrix Fones sórí ìkànnì àjọ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, wọ́n sì gbà á. Inú mi dùn pé kò sẹ́lòmíì tó ń jẹ́ ẹ. Ó yẹ kí n bi ara mi pé kí ló fà á.

Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ Vexthrix kò sí nínú ábídí wa. Èyí tó parí rẹ̀ náà kò sí níbẹ̀. Ká má tilẹ̀ sọ ti àárín, níbi tí kọ́ńsónáǹtì ti gun ara wọn lórí, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu Yorùbá a máa wá fáwẹ̀lì tì bọ àárín wọn ni. Bí kálukú ṣe ń tún un dá nìyẹn. Ọ̀kan ní Fẹ́sítà, òmíràn ní Fẹ́kítíríìsì. Ìyá oníráìsì tó wà níwájú mi ló wá sọ ọ́ di Tíríìkì, ìyẹn ló sì mọ́ gbogbo ọjà lẹ́nu. Ní àdúgbò tí oníbàárà ti ń ranjú mọ́ ọ lọ́wọ́ kí o má baà yọ pánẹ́ẹ̀lì ojúlówó kí o fi fèékì rọ́pò rẹ̀, Tíríìkì ni wọ́n ń pe tèmi! Àwọn tí kò tilẹ̀ rí orúkọ náà pè a dúró lójú títì, wọn a máa ronú. Ibi tí wọ́n bá ti dúró ronú yẹn ni àwọn ọmọ tó ń fa oníbàárà ti ń mú wọn: “Ẹ̀gbọ́n, a mọ ibẹ̀, ẹ máa bọ̀.” Ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì ni wọ́n máa bá ara wọn.

Mo wá sá lọ sí òdìkejì. Mo ní orúkọ kúkúrú ni n óò jẹ́, tí fáwẹ̀lì parí sílébù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀ a máa gbé “f” àti “s” mì, ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì a máa là á já. Mo sọ ṣọ́ọ̀bù ní Tèmi. Orí ló kó mi yọ pé páálí ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, torí etí mi ni mo fi gbọ́ bí obìnrin kan ṣe ń bá ọmọ tó ń ta yápíìsì sọ̀rọ̀:

“Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ṣọ́ọ̀bù Tèmi wà?”

“Ṣọ́ọ̀bù yín? Ẹ ò mọ ṣọ́ọ̀bù yín ni?”

“Mi ò ní ṣọ́ọ̀bù o. Tèmi ni mò ń wá.”

“Màámi, èmi náà, tèmi ni mò ń wá láti àárọ̀.”

Orúkọ náà rọrùn débi pé ó yọ́ sínú gbólóhùn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé orúkọ ni.

Lásìkò yìí, ọjà ti sọ mí lórúkọ láìbi mí. Bí fóònù tí mò ń tún ṣe bá tanná, mo máa ń pariwo pé “Ó ti jí!” Àwọn ọmọ oníbátìrì wá ń pè mí ní Ó-ti-jí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan a pè é bó ṣe yẹ, kódà lórí ọ̀kadà. Ká ní mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni! Ṣùgbọ́n mo pe ẹni tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù, mo ní kó kọ ọ́ gàdàgbà, kó sì fi fóònù sí i kí àwọn èèyàn lè mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ó fi sí i, pẹ̀lú ọ̀dà pupa: Ó TI JÍ FÓÒNÙ.

Mo gbé e kọ́. Àwọn tó ń kọjá ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń juwọ́ sí wọn. Ìgbà tí alága àwọn oníṣòwò dé, tó ní kí n kó rìsíìtì gbogbo fóònù àlòkù tó wà nílẹ̀ jáde, ni ojú mi tó là. Ẹni tó kọ sáìnbọ́ọ̀dù padà wá pa “fóònù” rẹ́, ó ya àwòrán fóònù tó lajú sílẹ̀ dípò rẹ̀, ó sì gbowó tuntun. Orúkọ àkọ́kọ́ ló ṣì wà lórí àkáǹtì mi ní báńkì, torí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni mo fi ṣí i. Bí oníbàárà bá fẹ́ fowó ránṣẹ́, a wo orúkọ tó yọ, a tún wo sáìnbọ́ọ̀dù, a ní kí n gba káàṣì.

Alága náà ti di oníbàárà mi báyìí. Lọ́jọ́ tó wá gba fóònù tí mo pààrọ̀ ojú ìṣáájì rẹ̀, mo rí i lókèèrè, mo kígbe pé, “Alága, ó ti jí o!” Ó kọ́kọ́ fọwọ́ ba àpò rẹ̀ wò ná.