Bí Mo Ṣe Kọ Iṣẹ́ Alhája Láì Kọ Alhája

Alhája tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn kì í pàṣẹ fún mi. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Akọ̀wé, ọkọ mi, bá mi wo kiní yìí." Páànù, ìṣó àti símẹ́ǹtì là ń tà, èmi ni mo sì ń kọ ìwé owó. Ẹni tí ìyá tó tó ìyá rẹ̀ bí bá pè ní "ọkọ mi", tó ṣì lẹ́nu láti sọ pé rárá, ọkàn onítọ̀hún le ju tèmi lọ. Kí wọ́n tó sọ "kiní yìí" tán ni mo ti máa ń dá wọn lóhùn pé, "Kò sí wàhálà, mà." Bí mo ṣe di akọ̀wé owó tó tún ń ka àpò símẹ́ǹtì nìyẹn, tó ń wá mẹkáníìkì fún jẹnẹrétọ̀, tó sì ń bá ọmọ-ọmọ Alhája ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Nígbà tó yá, "kò sí wàhálà" bí wàhálà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Owó-orí ọjà tí gbogbo wa ń pè ní fáàtì, náírà 7.50 ni à ń gbà lórí ọjà 100 náírà. Bí oṣù bá parí, ìjọba fún wa di ọjọ́ 21 oṣù tó tẹ̀lé e láti ṣírò rẹ̀, ká fi ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ká sì sanwó. Ọjọ́ mélòó kan ló kù nígbà tí Alhája ní kí n bá àwọn wo iye tí a ná lórí mọ́tò akẹ́rù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Mo gbà. Títí tí mo fi ṣe tán, alẹ́ ọjọ́ 21 ti lẹ́. Mo wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń fà bí ìgbín, nítorí gbogbo akọ̀wé tó ń sọ pé "kò sí wàhálà" káàkiri Nàìjíríà ló ti pàdé níbẹ̀. Oorun ń kùn mí. Mo fi iye oṣù Kẹwàá ránṣẹ́ ní orúkọ oṣù Kọkànlá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tò lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì agbowó-orí, tí mò ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá mi tún un ṣe. Alhája wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣebí o ní kò sí wàhálà?"

Mo pinnu pé n ó kọ iṣẹ́ tó bá tún dé. Nígbà tí Alhája gbé fáìlì kan dé, ẹ̀rù bà mí, ni mo bá gba ọ̀nà irọ́. Mo ní eyín ń dùn mí. Alhája ò jiyàn. Wọ́n yọ kánáfúrù nínú báàgì, wọ́n ní kí n fi há ibi tó ń dùn mí, wọ́n sì ní kí dírẹ́bà gbé mi lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín lọ́sàn-án. Kánáfúrù yẹn ta mí ní ahọ́n débi pé omijé bọ́ lójú mi. Ìyẹn gan-an jẹ́ kí irọ́ náà dà bí òótọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìyá onírẹsì tètè dé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Alhája yọjú sí mi, egungun ògúfe wà láàárín eyín tí mo ní ó ń dùn mí yẹn, mo ti fọ́ ọ sí méjì, mò ń fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn gbé fáìlì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ìrẹsì. Ká ní àṣírí ò tú pàápàá, eyín á san lọ́la, fáìlì á ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ mìíràn tún dé, mo ní òótọ́ ni n ó sọ, àmọ́ n ó fi ọgbọ́n àgbà sọ ọ́. Mo wo ojú Alhája, mo ní, "Ẹni tó bá lé eku méjì á pófo." Mi ò tọrọ gáfárà pé tótó ṣe bí òwe. Wọ́n tún gèlè wọn ṣe. "Èwo nínú wa ni eku níbẹ̀, Akọ̀wé?" Mo kólòlò. Wọ́n ní, "Ó dáa. Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́," wọ́n bá gbé fáìlì kejì lé ti àkọ́kọ́.

Ìwé gígùn ló kàn. Inú bí mi, mo jókòó lálẹ́, mo kọ gbogbo ohun tí mò ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́ sínú ìwé, títí kan ṣíṣí fèrèsé. Mo rò pé bí Alhája bá rí i, àánú mi á ṣe wọ́n. Alhája gbé awò sójú, wọ́n mú báírò pupa. "'Dídáhùn ìpè.' Ṣé ẹsẹ̀ lo fi ń dáhùn ni?" Wọ́n fagi lé e. "'Rírántí àwọn oníbàárà.' Nínú ọkàn?" Wọ́n fagi lé ìyẹn náà. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀ ìwé, mo ti di ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ rárá. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Ìwé yẹn sọ pé ó ti rẹ̀ mí, kò sọ èwo nínú iṣẹ́ mi ló lè dúró àti èwo ni kò lè dúró. Èyí tí òfin ń retí àti fèrèsé, ìlà kan náà ni mo tò wọ́n sí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ owó ló là mí lóye, lẹ́yìn tó ti rẹ́rìn-ín kánáfúrù tán. Ó ní Alhája ò mọ ohun tó wà lórí tábìlì mi, kò sì sí bí wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bi mí, kò sí wàhálà. Ó ní kí n má sọ pé mi ò lè ṣe é. Kí n sọ ohun tí yóò bọ́ lọ́wọ́ mi bí mo bá gbé e, àti ọjọ́ tí yóò bọ́. Kí n sì ya ọjọ́ tí òfin dá sọ́tọ̀ kúrò lára ọjọ́ tí àwa fúnra wa dá. Ti òfin ò ṣe é sún. Èyí tí a fẹnu ara wa dá nìkan la lè fẹnu ara wa yí padà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní, ni Alhája wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. Báńkì fẹ́ yá wa lówó. Wọ́n ń béèrè àkọsílẹ̀ ọjà tí a tà lọ́dún tó kọjá, orúkọ àwọn tó jẹ wá lówó, àti ìṣirò owó tí a retí pé yóò wọlé àti èyí tí yóò jáde fún oṣù 12. "Mo ti sọ fún wọn pé àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ mi." Ètè mi ti ń mì láti sọ pé kò sí wàhálà. Mo gbé e mì. Mo ní, "Mà, mo ti gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní wákàtí kan kí n wo ohun tó wà nílẹ̀, n ó mú èsì wá bá yín."

Ààbọ̀ ojú ìwé péré ni mo kọ. Fáàtì oṣù Kejìlá, ọjọ́ 21, ìjọba ló dá a. Ó ku iṣẹ́ wákàtí 10, torí rìsíìtì ìsọ̀ wa kejì ò tíì bára mu. Fọ́ọ̀mù H1, tí à ń fi sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti owó-orí tó san lọ́dún tó kọjá fún ìjọba ìpínlẹ̀, ọjọ́ 31, ìjọba náà ló dá a, wákàtí 8. Títún ìwé gbèsè àwọn oníbàárà ṣe, ọjọ́ 24, àwa la dá a; wákàtí 9. Ti báńkì, ọjà títà á gba wákàtí 4, ìṣirò oṣù 12 á gba 8. Lẹ́yìn náà ni mo ka àkókò. Kí àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó dé, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì àti ọjọ́ Ajé ni mo ní. Wákàtí 8 là ń lò ní ọ́fíìsì, àmọ́ bí oníbàárà àti iná tó ń lọ tó ń bọ̀ bá gba tiwọn, 6 ló ń kù. Mẹ́ta lọ́nà 6 jẹ́ 18. Fáàtì àti báńkì nìkan jẹ́ 22.

Mo fi ọ̀nà méjì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nínú èkíní, báńkì á gba ọjà títà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n á gba ìyókù ní Ẹtì ọjọ́ 24, a ó sì sún títún ìwé gbèsè ṣe di oṣù Kejì. Nínú èkejì, báńkì á gba gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bí Alhája bá yọ ọmọ tó ń tajà fún mi lọ́jọ́ Ẹtì kó bá mi to rìsíìtì. Ìyẹn á yọ wákàtí 5 kúrò lọ́rùn mi. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ó yàn, mà. Èyí tí ẹ bá mú ni n ó ṣe."

Wọ́n kà á. Wọn ò mú báírò pupa. Orí mi ń wú lọ. Wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì lọjà ń yá, wọn ò lè yọ ọmọ náà. Wọ́n wá fi ìka lé èkíní. "Akọ̀wé, orúkọ àwọn onígbèsè tí o fẹ́ kó fún báńkì, ṣebí inú ìwé tí o ní ká sún di oṣù Kejì ni wọ́n wà?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ibẹ̀ ni wọ́n wà. Àkọsílẹ̀ tí mo fẹ́ gbé jù sẹ́yìn lòpó tí mo fẹ́ kọ́lé lé. Mo ti wádìí ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, mi ò wádìí ohun tó ń dúró dè é.

Alhája ò yọ ṣùtì sí mi. Wọ́n gbé fóònù, wọ́n pe òṣìṣẹ́ báńkì, wọ́n bi í léèrè ohun tó fẹ́ lò gan-an lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní ọjà títà nìkan, ìyókù lè tẹ̀lé e. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé èèyàn lè béèrè bẹ́ẹ̀. Fáàtì àti ọjà títà jẹ́ wákàtí 14. Mo fi 4 tó kù bẹ̀rẹ̀ ìwé gbèsè, mo parí rẹ̀ àti ìṣirò oṣù 12 láàárín Ọjọ́rú sí Ẹtì. H1 bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù.

Fáàtì wọlé lọ́jọ́ 20, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó dí ojú ọ̀nà. Báńkì gba tiwọn lásìkò, wọ́n ní máníjà lọ ìsinmi, wọ́n á wò ó nínú oṣù Kejì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Alhája ní, "Akọ̀wé, ọkọ mi, ìsọmọlórúkọ wà nílé wa ní Sátidé, a nílò ẹni tí yóò kó àga." Mo ní kí wọ́n fún mi ní wákàtí kan kí n wo ohun tó wà nílẹ̀. Wọ́n ní àga ló wà nílẹ̀. Mo lọ kó àga.