Ẹ Bi Ìyá Àgbà

*Ìyá Àgbà, ata ni mo ń tà ní ọjà Bódìjà n'Íbàdàn, kò sì sí ìbòòji lórí àtẹ mi. Léèsì ni mo máa ń wọ̀, kí oníbàárà lè mọ̀ pé ọjà ń tà. Ní báyìí, òdòdó inú léèsì ti hàn sí èjìká mi. Ọkọ mi ní mo lọ fín ara. Kí ni kí n ṣe? Èmi, Ìyá Aláta.*

Ìyá Aláta, pẹ̀lẹ́. Òótọ́ lọkọ rẹ sọ: oòrùn ló fín ọ, kò sì gba kọ́bọ̀. Gbogbo ihò ara léèsì yẹn ló ń gbà wọlé. Kí o tó wọ aṣọ lọ sọ́jà, ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kí o nà án sójú ìmọ́lẹ̀. Bí o bá lè ka ìka rẹ, oòrùn náà á kà á. Irú ẹ̀ dára fún òde alẹ́.

Rán bùbá òwú tí wọ́n hun pọ́, tó gùn dé ọrùn ọwọ́. Àdìrẹ aláró dára: aṣọ dúdú ń dí oòrùn ju funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ, àbààwọ́n ata kì í sì í tètè hàn lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fa ooru, nítorí náà jẹ́ kó fẹ̀ dáadáa. Bí aṣọ bá fún mọ́ra, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè wọlé, òógùn kò sì ní gbẹ. Bẹ́ẹ̀, òógùn tó ń gbẹ ló ń mú ara tutù. Mú bùbá kejì dání, kí o pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án, torí òwú tó bá ti rin gbingbin kì í lè dí oòrùn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Gèlè ńlá tí wọ́n ń wé sí léèsì ńkọ́? Kò bo ojú, kò bo ọrùn, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ kò sì rí ata rà. Wé ìborí kékeré, kí o dé akẹtẹ̀ lé e. Ní ti owó ọjà, so tòbí sábẹ́ ìró kí o kó o sí àpò rẹ̀. Owó tó bá ti inú kọ́mú jáde, ìka méjì ni oníbàárà fi ń gbà á.

*Ìyá Àgbà, kòkó ni mo ń sá lórí síméǹtì n'Ídànrè. Síńgílẹ́ẹ̀tì àti fìlà oníbẹntigọ́ọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Bí mo bá kọ ọ́ síwájú, ọrùn á jó mi. Bí mo bá kọ ọ́ sẹ́yìn, imú á jó mi. Èmi, Ọmọ Olóko.*

Ọmọ Olóko, o ti sọ ara rẹ di kòkó: o ń yí ara rẹ sá! Bẹntigọ́ọ̀ fìlà kò lè wà níwájú kó tún wà lẹ́yìn. Akẹtẹ̀ ló ń ṣíji bo imú, etí àti ọrùn lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, síméǹtì ń da ìmọ́lẹ̀ padà láti ìsàlẹ̀, nítorí náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ alápá gígùn, kí o de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Yí kòkó kí aago 11 tó lù, kí o sinmi lábẹ́ igi títí di aago 3. Bí orí bá ń fọ́ ọ, tí òyì ń kọ́ ọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ kò bá ara mu mọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ mọ́: sá sí ìbòòji, da omi sára, kí wọ́n gbé ọ lọ sílé ìwòsàn.

Kí o sì ra akẹtẹ̀ méjì. Ìyàwó rẹ máa gba ọ̀kan.