Gan-an Mẹ́jọ, Ẹyọ Kan Ló Ń Ṣiṣẹ́

Ẹ bá mi kí máníjà ilé búrẹ́dì kan n'Íbàdàn. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, torí mo ṣì ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ wọn. Ó lẹ ìwé kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ààrò, àfi bíi pé ó da ìwúkàrà sínú báírò tó fi kọ ọ́:

“Mo kàn fẹ́ rán yín létí pé ọ̀rọ̀ pípẹ́ lẹ́yìn yìí ti ń burú gan-an. Ní tòótọ́, ó dùn mí gan-an gan-an. Ó ṣe pàtàkì púpọ̀ gan-an kí ẹ máa tètè dé gan-an. Ẹni tó bá pẹ́ jù gan-an, màá bínú sí i gidi gan-an. Ago 6 àárọ̀ gan-an ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀.”

Mo ka gan-an inú rẹ̀, mẹ́jọ ni. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, èyí tó gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ago 6 á di “nǹkan bí ago 6”, ẹ sì mọ ibi tí “nǹkan bí” máa ń gbé òṣìṣẹ́ dé. Méje tó kù ń gba owó oṣù lásán. Ẹ fi ìka bo ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka gbólóhùn náà sókè: “Ọ̀rọ̀ pípẹ́ lẹ́yìn yìí ti ń burú.” Kí ló sọnù? Nígbà tí E. B. White, ará Amẹ́ríkà, ń tún ìwé Strunk olùkọ́ rẹ̀ lórí ọ̀nà ìkọ̀wé ṣe fún ẹ̀dà tó jáde ní 1959, eṣúṣú ló fi irú ọ̀rọ̀ báyìí wé. Eṣúṣú tilẹ̀ sàn, tó bá yó á jábọ́.

Ẹ má sọ pé mo kórìíra àsọdùn. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo mọ dúdú kirikiri, mo mọ pupa fòò. Ṣùgbọ́n fòò kì í bá funfun rìn, pupa nìkan ló mọ̀, àwọ̀ pupa ọ̀hún sì ń hàn lójú ẹni tó bá gbọ́ ọ. Gan-an ni kò níyàwó ilé. Ó ń bá burú lọ, ó ń bá dára lọ, ó tún ń bá tètè dé jẹun.

Ọ̀gá tún ní “Ní tòótọ́, ó dùn mí”. Ṣé irọ́ ni gbólóhùn tó ṣáájú? Àwọn òṣìṣẹ́ tó kà á ń bi ara wọn bóyá kí àwọn ra àbóníkì fún ọ̀gá. “Mo kàn fẹ́ rán yín létí” ńkọ́? Ọ̀gá ń kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀. Kàn tó níṣẹ́ wà o: “Ẹ kàn nu páànù” túmọ̀ sí pé ẹ má fọ̀ ọ́. Yọ kàn yẹn, kí ẹnì kan fi omi àti ọṣẹ fọ páànù títí á fi dípẹtà, kí búrẹ́dì ọ̀la máa lẹ̀ mọ́ ọn.

“Pẹ́ jù gan-an” ló burú jù nínú gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń po ìyẹ̀fun dé ní ago 6 kọjá ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n mú un dé iwájú ìwé, ó kà á, ó ní, “Ọ̀gá, mo pẹ́, ṣùgbọ́n n kò pẹ́ jù gan-an.” Ọ̀gá kò rí èsì fọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń mú òfin le ni ọmọkùnrin yìí gbà jáde.

Mo bá wọn gbé báírò, a lé àwọn ọ̀lẹ náà jáde. Ìgbà tí a parí, ohun tó kù rèé: pípẹ́ ń burú, ó dùn mí, màá bínú. Mo ní, “Ọ̀gá, tí ẹ bá bínú tán, kí ló máa ṣẹlẹ̀?” Wọ́n wo òrùlé. Wọn kò tíì ronú débẹ̀! Gan-an méje ni wọ́n fi bo ihò yẹn mọ́lẹ̀. A jókòó fún wákàtí kan gbáko kí wọ́n tó pinnu, gbólóhùn méjì sì ni ìwé tuntun:

“Ago 6 àárọ̀ gan-an ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò gbá ilé ìyẹ̀fun lọ́jọ́ náà.”

Lọ́jọ́ Ajé, ago 6 kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ẹnì kan sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀gá ni.

“Mo kàn pẹ́ díẹ̀ ni,” wọ́n wí.

Apoyẹ̀fun ìjẹta kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì na ìgbálẹ̀ sí wọn.