Mo Fọ Géèmù Mi Mọ́ Tónítóní

Géèmù bọ́ọ̀lù tí mo máa ń gbá lálẹ́ gba ẹ̀dà tuntun, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti gbà mí láyè mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ìlà tó ń fi hàn pé ó ń múra rìn dé ìdajì, gbogbo rẹ̀ pòórá. Mo bú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Mo ra dátà sí i. Nígbà tí ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní ooru ni, mo gbé fóònù sínú fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja. Ó jáde tòun ti omi lójú, ó ń rùn, géèmù kò sì ṣí.

Ibi tí géèmù ti ń kú ló yẹ kí n wò. Èyí tí ooru tàbí àìtó RAM ń dà láàmú sábà máa ń gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ kó tó ṣubú. Ojú kan náà ni tèmi ń kú sí, kó tó dé pápá rárá. Ohun kan wà tó fẹ́ kà tí kò rí kà tán.

Èmi ò mọ̀yẹn. Mo wọ Settings, mo wọ Apps, mo tẹ orúkọ géèmù náà, mo bá bọ́tìnnì méjì níbi Storage. Mo tẹ ọ̀kan. Géèmù ṣí, ó kí mi káàbọ̀, ó bi mí léèrè orúkọ mi, ó tún pòórá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wá bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

“Bọ̀dá, ṣé Clear cache lẹ tẹ̀ ni àbí Clear storage?”

“Èyí tó gùn jù. Mo rò pé yóò fọ̀ ọ́ jù.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní Clear cache kì í kó ju àwọn fáìlì ìgbà díẹ̀ lọ, àwọn tí ẹ̀dà àtijọ́ fi sílẹ̀ tó lè máa bá tuntun jà. Clear storage ń kó gbogbo ẹrù. Ẹni tó ti so géèmù rẹ̀ mọ́ àkáǹtì lè wọlé padà kó bá ohun ìní rẹ̀. Èmi ń wọlé bí àlejò, orí fóònù nìkan ni kọ́kọ́rọ́ mi wà.

Ó wá wo ààyè tó kù lórí fóònù: kò tó 300 MB. Ẹ̀dà tuntun náà ṣì ní nǹkan bí 2 GB tó fẹ́ gbà wọlé lẹ́yìn tí èèyàn bá ti ṣí i. Ó ń gbà á dé ìdajì, ààyè ń tán, ó ń kú. Fídíò òde ìgbéyàwó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ló gba gbogbo ilé. A pa wọ́n rẹ́, ó pa fóònù ó sì tún un tàn, ó tẹ Clear cache, ó fi í sílẹ̀ lórí Wáìfáì láì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án títí ìlà fi dé òpin. Ó ṣí.

Ó ní tí kò bá ṣí ni à bá tó yọ géèmù náà kúrò ká tún un gbé sórí fóònù, lẹ́yìn tí a bá ti rí i pé ó so mọ́ àkáǹtì.

Mo ti so ó mọ́ àkáǹtì báyìí. Ẹgbẹ́ tí mo rí so mọ́ ọn ni èyí tí wọ́n ń fún àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gólí wọn sì ń yà fún bọ́ọ̀lù bí ẹni yà fún àgbà lójú ọ̀nà.