Ìyìn Tí Kò Dúró Gba Èsì

Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ṣíṣì sọ ni wọ́n fi ń jẹ oyè ni, èmi ni wọn ì bá fi jẹ baálẹ̀ Rosenberg, ìlú tí ọ̀nà 59 gbà kọjá ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston. Oríṣi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo sì máa ń ṣì sọ: ìyìn obìnrin. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti gbà pé ẹni tí àpò ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá kún jù ni yóò rí obìnrin fẹ́. Mo wá ń kó ọ̀rọ̀ jọ kiri, látorí lẹpa dé orí orobo, látorí ìbàdí àrán àwọn baba wa dé orí ikebe tí Wálé Adénúgà fi sọ ìwé ìròyìn ẹlẹ́fẹ̀ rẹ̀ lórúkọ ní 1976. Nígbà tí àwọn oníwèé atúmọ̀ èdè Oxford wá mú “rìsì” ní ọ̀rọ̀ ọdún 2023, ìyẹn orúkọ tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà fún ẹnu dídùn tó ń fa ojú ẹni mọ́ra, mo ní ẹ ò rí i pé òótọ́ ni mò ń sọ. Bí ìyìn mi bá sì ti bí ẹnì kan nínú, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo máa ń dá lẹ́bi. Mo máa ń pa á tì, kí n lọ mú òmíràn tó jọ ọ́.

Ìgbàgbọ́ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, Ìbàdàn ni ẹ̀rí rẹ̀ sì wà. Lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, àwọn èèyàn máa ń tú síta, wọn a máa kọrin nípa ohun tó wà lábẹ́ aṣọ tọkùnrin tobìnrin, wọn a sì dárúkọ rẹ̀ gan-an láìfi ohunkóhun bò ó. Àgbàlagbà á gbọ́, á rẹ́rìn-ín, bóyá á tún fi tirẹ̀ lé e. Kí ẹnì kan lọ sọ ìdajì rẹ̀ fún ìyá aláta ní Ọjà-Ọba lọ́jọ́ kejì, kó wá wò ó bóyá wọn yóò tún rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kò yí padà, ohùn kò yí padà. Ohun tó yí padà ni pé lánàá, gbogbo ìlú ló ti jọ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n sọ ọ́, ẹni tí kò bá sì fẹ́ gbọ́ ti mọ̀ pé ilé ló yẹ kóun wà. Lónìí, ìwọ nìkan lo fọwọ́ sí i.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ìdáhùn kan tí wọ́n fẹ́ràn, èmi náà sì ti lò ó títí ó fi gbó: ṣebí àwọn baba wa ló kọ́kọ́ yin ìdí, kí ló wá burú nínú kí àwa náà yìn ín? Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n yìn ín. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n ti ń yìn ín. Nínú oríkì ni, lẹ́nu ìyá, lẹ́nu ọkọ, lẹ́nu akéwì tí gbogbo agbo ilé jókòó tì. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọmọge kò tilẹ̀ láǹfààní láti dé ibẹ̀. Ó ní láti wá alárinà, alárinà á lọ, á bọ̀, ìdílé á ṣe ìwádìí, ọmọbìnrin náà á sì jẹ́ hẹn kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ síwájú. Wọ́n fi ìsọ̀rí kan tọ́jú hẹn náà nínú ètò ìgbéyàwó, wọ́n ń pè é ní ìṣíhùn tàbí ìjọ́hẹn, ọkọ a sì mú nǹkan wá nítorí rẹ̀. Àwa tó ń fi àwọn baba wa ṣe ẹlẹ́rìí, ìbàdí àrán nìkan la jogún. A fi ìṣíhùn sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìpínlẹ̀ Texas, tí kò gbọ́ Yorùbá, ló wá gbé ìṣíhùn wọ inú ìwé òfin. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ẹni tó bá fi àwòrán ìhòòhò ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lórí fóònù, tí onítọ̀hún kò béèrè, tí kò sì fọwọ́ sí i ní kedere, ti dẹ́ṣẹ̀, ó sì lè san owó ìtanràn tó tó 500 dọ́là. Bumble, iléeṣẹ́ áàpù ìwá-olólùfẹ́ tó fi Austin ṣe ibùjókòó, wà lára àwọn tó jà fún un. Àwọn tó kọ òfin náà mọ àwọn ọkùnrin dáadáa, torí wọ́n tilẹ̀ ronú kan ẹni tí yóò ní ṣòkòtò ṣáà wà lára òun, bí ohun tó wà lábẹ́ ṣòkòtò bá ti dìde débi tí kò ṣeé sẹ́. Ẹ kíyè sí i pé òfin yìí kò fi òté lé àwòrán fúnra rẹ̀. Bí àwọn méjì bá fẹ́ máa fi ránṣẹ́ síra wọn láti Rosenberg dé Dallas, ọwọ́ wọn ló kù sí. Hẹn tí kò sí níbẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwòrán nìkan ni òfin náà mú. Kò kan ọ̀rọ̀ ẹnu tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, ibẹ̀ sì ni irú àwa yìí ti ń ṣe bẹbẹ. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀kan yẹ̀ wò. Ọkùnrin kan kọ ọ́ sí obìnrin kan lẹ́yìn òde àríyá pé, “Ẹ kú ìnáwó àná o. Gèlè yín yẹn gbayì.” Ó bójú mu: gèlè jẹ́ ohun tí obìnrin náà yàn, tó jókòó wé, ó sì lè dá a lóhùn láìtijú. Obìnrin náà ní, “Ẹ ṣé o.” Ọkùnrin náà ní, “Aṣọ yẹn bá yín mu, ó jókòó sí yín lára.” Ó ti ń sún mọ́ etí omi, kò tíì kó sí i. Obìnrin náà ní, “Ẹ ṣé.” Olóye á dúró níbí, á ka èsì yẹn lẹ́ẹ̀mejì. “O” ti kúrò ní ìdí rẹ̀. Kò béèrè nǹkan kan padà. “Ẹ” ló ṣì ń lò fún ọkùnrin náà, kò ní “ìwọ ńkọ́,” kò ní “má fi ẹ pè mí mọ́ jàre.” Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Àwa ọlọ́rọ̀ púpọ̀ wá ka “Ẹ ṣé” sí pé wọ́n ní ká wọlé, a sì kọ gbólóhùn kẹta: “Ikebe yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lánàá o, bébì.” Nínú gbólóhùn kan, a ti sọ “ẹ” di bébì, a ti kúrò lórí aṣọ bọ́ sórí ara, a sì ti gbé ọ̀rọ̀ síbi tí kò ti sí èsì kankan tí obìnrin náà lè fọ̀ tí kò ní ta bá òun fúnra rẹ̀. Bó bá ní ẹ ṣé, ó ti gbà. Bó bá bínú, wọ́n á ní kò mọ àwàdà. Lójú tèmi, ibí gan-an ni ìyìn ti di àlùfànṣá, bí a bá tiẹ̀ fi ìbàdí àrán rọ́pò ikebe.

Ẹnì kan lè ní àwọn obìnrin náà ń sọ ọ́. Òótọ́ ni. Ẹ dúró ti ìyàwó ilé tó ń bá àbúrò ọkọ rẹ̀ ṣeré, tó ń pè é ní ọkọ mi, ẹ ó gbọ́ ohun tí pásítọ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́. Àmọ́ eré yẹn ní àyè rẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ ń ju bọ́ọ̀lù náà síra wọn. Òmíràn á ní bí a bá ń dúró de hẹn lórí gbogbo ọ̀rọ̀, ìfẹ́ á di ìjókòó ìgbìmọ̀. Èyí ló ṣòro fún mi jù láti dáhùn, torí pé láti ìgbà tí mo ti gbà pé ó yẹ kí n máa dúró de hẹn ni mo ti ṣe é láṣejù. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìfẹ́ mi ti wá jọ lẹ́tà ìdúpẹ́ tí akọ̀wé ìjọ kọ sí olóore tó ra àga fún ṣọ́ọ̀ṣì: mo kí wọn, mo yin gèlè, mo ní kí Ọlọ́run máa bá wọn gbé e. Kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Kò sì sẹ́ni tó dáhùn.