Oyè Á Mọ́rí O
Bí ẹ bá jọ kọ̀wé béèrè ipò ọ̀gá ilé-ìwé ní Àwóyè, tí ó bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkejì yín, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá gbé lẹ́tà ìyànsípò rẹ̀ dé láti Ìgbókòdá gan-an ni kí ẹ lọ kí i. Bí ẹ bá fi dọ̀la, wọ́n á ní inú ń bí yín. "Ẹ kú oríire, oyè á mọ́rí o" ti tó. Ẹ má fi "Ọlọ́run ló mọ ìdí rẹ̀" kún un, gbogbo èèyàn ló mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì gbàdúrà pẹ́. Àdúrà tó bá gùn jù máa ń jọ ẹjọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Ó ṣe tán, òkun ṣì ń jẹ ilẹ̀ Àwóyè, ọ̀gá tuntun ni yóò sì máa kọ lẹ́tà sí ìjọba nípa rẹ̀.